Bọ́ǹdì tí kọ́ńpìnnì lè pè wálé, 108 ni wọ́n ń tà á fún wa: ṣé 14% ni èrè ẹ̀ àbí 11%?

Akápò_Ìgbógbó
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. Owó kan wà nílẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kankan ò yá, ìgbìmọ̀ sì ní ká má jẹ́ kó kàn sùn sí báǹkì lásán. Bùrókà kan wá gbé bọ́ǹdì kọ́ńpìnnì kan wá fún wa, kúpọ́ọ̀nù ẹ̀, ìyẹn èlé tó ń san, jẹ́ 16% lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń san án lọ́dún, ó sì ku ọdún 6 kó pé. Ojú owó tí a fẹ́ rà jẹ́ ₦20 mílíọ̀nù, àmọ́ 108 ni wọ́n ń tà á, tó túmọ̀ sí pé ₦21.6 mílíọ̀nù ló máa kúrò lọ́wọ́ wa. Nínú ìwé tó fi ránṣẹ́ ó kọ YTM, ìyẹn èrè ọdọọdún tí a bá di bọ́ǹdì mú títí kó fi pé, 13.99% gàdàgbà sókè. Nísàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré ni mo ti wá rí YTC, ìyẹn èrè ọdọọdún tí kọ́ńpìnnì bá pè é wálé kó tó pé, 11.41%, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́ńpìnnì lè san owó yìí padà ní 100 tí ọdún 2 bá ti pé. Mo pe bùrókà, ó ní kí n má da ara mi láàmú, YTM ni gbogbo ayé ń wò.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á sì bi mí pé èló ni owó yìí máa mú wá lọ́dún. Èwo ni kí n sọ fún wọn nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Alájà_Sábó
Akápò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣebí ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí owó bá lè jáde lẹ́yìn ọdún 2, àǹfààní ni fún yín nìyẹn. Tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá nílò owó lójijì, ẹ kàn máa pè é padà ni. Èmi ò fẹ́ràn ibi tí owó mi ti máa há ní tèmi.

Ọmọ_Ẹ̀bútẹ́
Alájà mi, ẹ má bínú, àṣẹ yẹn ò sí lọ́wọ́ àwọn Akápò rárá o. Kọ́ńpìnnì tó yá owó ló ni ín. Òun ló lè sọ pé ẹ gba owó yín, mo ti ṣe tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra bọ́ǹdì ò lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá nílò owó láàárín, ẹ máa gbé e lọ sọ́jà ni, iye tí oníbàárà bá pè é náà lẹ máa gbà.

Akápò, èmi ò rò pé ó yẹ kí YTM àti YTC yìí gbé yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. 16 pín sí 108, 14.8% ni. Owó tó ń wọlé gan-an nìyẹn. Ì báà lo ọdún 2, ì báà lo ọdún 6, ₦3.2 mílíọ̀nù ló ń wọ àkáǹtì yín lọ́dọọdún, kò yí padà. Ohun tó ń wọ àkáǹtì ni kẹ́ ẹ wò.

Bùrókà_Àná
Mo ṣiṣẹ́ nídìí títa bọ́ǹdì fún ìgbà pípẹ́ kí n tó padà sílé ní Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́, ohun tó o sọ fún Alájà tọ̀nà. 14.8% yẹn ni ò pé. Ó ka owó tó ń wọlé, kò ka èyí tó ń jò. Ẹ san 108, 100 lẹ máa gbà padà, ọjọ́ yòówù kó jẹ́. ₦1.6 mílíọ̀nù ti bá odò lọ nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ fi kúpọ́ọ̀nù dí i. Ìbéèrè tó kù kò ju pé ọdún mélòó lẹ ní láti fi dí i. Tí bọ́ǹdì bá lo ọdún 6 pé, nǹkan bíi ₦267,000 ló máa kan ọdún kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá pè é wálé ní ọdún 2, ₦800,000 ló máa kan ọdún kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 13.99 àti 11.41 kò ju ìyẹn lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò dẹ́rù bà yín.

Ẹ lè fi bírò ṣe é. Fún ọdún 2, àdánù jẹ́ 4 lọ́dún, ẹ yọ 4 kúrò nínú 16, ó ku 12, ẹ pín in sí 104 tó jẹ́ àárín 108 àti 100, ó jẹ́ nǹkan bíi 11.5%. Fún ọdún 6, 1.33 lẹ máa yọ, 14.67 pín sí 104, ó jẹ́ 14.1%. Ó sún mọ́ tinú ìwé yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gún régé, ẹ ṣí Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù, kẹ́ ẹ tẹ èyí:

```
=RATE(12,8,-108,100)*2
=RATE(4,8,-108,100)*2
```

12 ni iye ìgbà tí wọ́n máa san kúpọ́ọ̀nù títí ọdún 6, 4 ni ti ọdún 2, 8 ni kúpọ́ọ̀nù oṣù mẹ́fà lórí 100. Èyí àkọ́kọ́ á fún yín ní 13.99%, ìkejì á fún yín ní 11.41%.

Ẹ wá bi ara yín, kí ló sọ bọ́ǹdì 100 di 108? Èlé ọjà ti wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ni. Irú kọ́ńpìnnì yẹn lè rí owó tuntun yá ní 13 tàbí 14 báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní èyí tó ń san 16 lọ́wọ́ ò fi ní tà á ní 100. Ohun tó mú kó wọ́n fún yín yẹn gan-an ló ń mú kí kọ́ńpìnnì fẹ́ pè é wálé. Ẹ lè fi wé ẹni tó san gúdíwìì ńlá gba ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, tó ní ọdún 6 lòun máa fi jẹ ẹ́, nígbà tó sì wà nínú àdéhùn pé onílé lè gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọdún 2 láì dá gúdíwìì padà. Bí ọjà bá ṣe ń tà tó níbẹ̀ ni onílé á ṣe máa wo ṣọ́ọ̀bù náà tó.

Torí náà, tí ẹ bá ra bọ́ǹdì ju 100 lọ, tí kọ́ńpìnnì sì lè pè é wálé ní 100, YTC lẹ máa gbé síwájú ìgbìmọ̀. Èyí tó bá kéré jù nínú àwọn nọ́ńbà náà ni kẹ́ ẹ fi ṣèpinnu.

Tíṣà_Ìjẹ̀dẹ́
Bùrókà Àná, ẹ kú àlàyé, àmọ́ mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé dandan ni kí kọ́ńpìnnì pè é. Irú bọ́ǹdì báyìí wà lọ́wọ́ èmi náà, ọjọ́ tí wọ́n lè pè é kọjá, wọn ò pè é, kúpọ́ọ̀nù mi ṣì ń wọlé títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni kọ́ńpìnnì fi ń yáwó tuntun. Wọ́n á sanwó fún àwọn tó máa bá wọn tà á, fún lọ́yà, fún àwọn tó ń ṣòdiwọ̀n bí wọ́n ṣe ṣe é fọkàn tán tó, fún SEC tó ń ṣàbójútó ọjà, fún ọjà NGX tàbí FMDQ tí wọ́n máa gbé e sí. Tí èlé ò bá wálẹ̀ dáadáa, ó lè má pé wọn kí wọ́n ṣe gbogbo wàhálà yẹn torí ìyàtọ̀ kékeré. Èlé sì tún lè gòkè padà kí ọdún 2 tó pé. A rí i ní Nàìjíríà yìí, MPR, ìyẹn èlé tí báǹkì àpapọ̀ CBN fi ń darí èlé yòókù, tí wọ́n fi sí 11.5% ní 2020 ló di 27.5% ní 2024. Ta ló máa pe bọ́ǹdì 16% wálé nírú àsìkò bẹ́ẹ̀?

Akápò tó bá fi 11.41 nìkan síwájú ìgbìmọ̀ lè jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tó dáa sílẹ̀.

Ará_Ẹ̀pẹ́
Tíṣà, 2020 tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Èlé já wálẹ̀ débi pé tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ọdún kan lọ sí ìsàlẹ̀ 1% kí ọdún yẹn tó parí. Bọ́ǹdì tó wà lọ́wọ́ èmi àti àbúrò mi, kọ́ńpìnnì tó ni ín kọ̀wé nípasẹ̀ àwọn tírọ́sítíì tó ń ṣojú àwa tó ra bọ́ǹdì pé àwọn fẹ́ san án padà, owó wọlé sí àkáǹtì lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Kò sẹ́ni tó rẹ́ wa jẹ, ó wà nínú àdéhùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò síbi tí a máa gbé owó náà sí tó máa san ìdajì ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fún yín lówó yín ni ìgbà tí kò sí ohun gidi láti rà, ìyẹn lẹ ò sì rí nínú YTC gan-an, torí ọdún 2 náà nìkan ló ń kà. Ọdún 4 tó kù, ẹ máa lọ wá ibòmíì tẹ́ ẹ máa kó o sí ni.

Ọmọ_Ẹ̀bútẹ́
Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ṣé àwọn Akápò ò kàn lè jẹ kúpọ́ọ̀nù ọdún kan ààbọ̀, kí wọ́n wá tà á sọ́jà ní 108 padà kí ọjọ́ ìpè tó pé? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí àdánù kankan.

Bùrókà_Àná
Ta ni wọ́n máa tà á fún? Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ wọn náà mọ̀ọ́kà. Bí ọjọ́ ìpè bá ṣe ń sún mọ́ ni iye bọ́ǹdì ń wálẹ̀ sí iye tí kọ́ńpìnnì máa san. Ká ní ó ku ọdún kan kí wọ́n lè pè é, tí àwọn tó ń rà sì ń wá 11% títí dé ọjọ́ yẹn, nǹkan bíi 104.6 ni wọ́n máa san, èlé ọjà ì báà má yí padà rárá. Ó ku oṣù mẹ́fà, á tún wálẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ bọ́ǹdì kọ́ńpìnnì níbí sì rèé, ẹ lè gbé e lọ sọ́jà kẹ́ ẹ má rí oníbàárà lọ́sẹ̀ yẹn.

Tíṣà, mi ò sọ pé dandan ni kí wọ́n pè é, òótọ́ sì lẹ sọ nípa owó tí kọ́ńpìnnì máa ná lórí yíyá tuntun. Ẹ̀yin ẹ wá wo ọ̀nà méjèèjì. Tí èlé bá wálẹ̀, wọ́n á pè é, ẹ máa gba 11.41. Tí èlé bá gòkè, wọn ò ní pè é, ẹ máa gba nǹkan bíi 14 tẹ́ ẹ bá dì í mú títí kó fi pé, àmọ́ nígbà yẹn ọjà ti ń san 18, 20, owó yín sì ti há síbi 14. Kọ́ńpìnnì ló ń yan èyí tó dáa fún un nínú méjèèjì. Owó wo ni wọ́n ń san fún yín torí pé ẹ fún wọn láyè yẹn? Ẹ gbọ́dọ̀ rí i nínú iye tẹ́ ẹ rà á. Tí ẹ bá fẹ́ kí èrè yín tó 14% lóòótọ́ kódà kí wọ́n pè é ní ọdún 2, ẹ ò gbọ́dọ̀ san ju 103.39 lọ, ìyẹn bíi ₦20.68 mílíọ̀nù. Láti ibẹ̀ títí dé 108, ẹ̀yin lẹ fi owó ara yín ta tẹ́tẹ́ pé wọn ò ní pè é.

Aṣírò_Ọ̀dọ̀gùnyàn
Mo ń ka gbogbo yín bọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí ẹgbẹ́ ṣe máa pín owó náà, torí mo máa ń bá àwọn alájẹṣẹ́kù yẹ ìwé wọn wò lápá ibí, mo sì mọ bó ṣe máa ń lọ.

Kúpọ́ọ̀nù ₦1.6 mílíọ̀nù á wọlé, ìgbìmọ̀ á ní èrè ti dé, wọ́n á pín gbogbo ẹ̀. Oṣù mẹ́fà á tún pé, wọ́n á tún pín in, inú gbogbo èèyàn á máa dùn. Tó bá fi máa di ọdún 2, ₦6.4 mílíọ̀nù ti jáde. Kọ́ńpìnnì á wá dá ₦20 mílíọ̀nù padà, bẹ́ẹ̀ ₦21.6 mílíọ̀nù ni ìwé ẹgbẹ́ ní ẹ fi síbẹ̀. ₦1.6 mílíọ̀nù tí ò sí níbẹ̀ mọ́ yẹn, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́ ni, ẹ ti pín in fún wọn lórúkọ èrè. Ẹni tó bá ti jáde nínú ẹgbẹ́ kó tó di ìgbà yẹn ti gbé tiẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ló máa ru ihò náà, ariwo tó máa sọ nípàdé ọdọọdún kì í ṣe kékeré, akápò ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ dì mú.

Ẹ kúkú ṣe é báyìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nínú kúpọ́ọ̀nù ₦1.6 mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ₦400,000 sọ́tọ̀, ẹ fi dín iye bọ́ǹdì kù nínú ìwé, ₦1.2 mílíọ̀nù tó kù ni èrè. Lẹ́yìn kúpọ́ọ̀nù 4, bọ́ǹdì ti di ₦20 mílíọ̀nù gééré nínú ìwé, wọ́n pè é o, wọn ò pè é o, kò sí ihò. Tí wọn ò bá pè é, láti ìgbà yẹn lọ gbogbo ₦1.6 mílíọ̀nù ni èrè, ẹ lè pín in láìbẹ̀rù. Àwọn kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pín in sórí kúpọ́ọ̀nù 12, ìyẹn bíi ₦133,000 lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn dáa tẹ́ ẹ bá mọ̀ dájú pé bọ́ǹdì máa lo ọdún 6. Tí wọ́n bá wá pè é ní ọdún 2, ẹ ti fi nǹkan bíi ₦533,000 péré dí ihò ₦1.6 mílíọ̀nù.

Alájà_Sábó
Háà, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọbọ. Bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ ńkọ́, ṣé àwọn náà lè pè é wálé báyìí?

Tíṣà_Ìjẹ̀dẹ́
Rárá, Alájà. Èyí tí DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, ń tà níta yìí, ọjọ́ tó bá pé ni wọ́n ń san ojú owó, kúpọ́ọ̀nù nìkan lẹ máa rí kó tó dìgbà yẹn. Fún ìyẹn, YTM nìkan tó.

Akápò_Ìgbógbó
Olúwa á bù kún un yín o. Mo ní kí bùrókà fi ojú ìwé àdéhùn bọ́ǹdì gan-an ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Ó fi ránṣẹ́ lánàá. Ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀: tí ọdún 2 bá pé, 102 ni wọ́n máa fi pè é, tó bá di ọdún 3, 101, láti ọdún 4 lọ ló tó di 100. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún wa ní ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Ṣé 11.41 yẹn ò wúlò mọ́ nìyẹn?

Bùrókà_Àná
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè ojú ìwé yẹn. 11.41 ti kúrò níbẹ̀, 100 tí wọ́n fi ṣe é kò bá àdéhùn mu. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú RATE lẹ máa yí padà, ẹ ṣe é fún ọjọ́ ìpè kọ̀ọ̀kan:

```
=RATE(4,8,-108,102)*2
=RATE(6,8,-108,101)*2
=RATE(8,8,-108,100)*2
```

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 12.28, 12.98 àti 13.35. Ti ọdún 2 ló ṣì kéré jù, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣèpinnu. Ẹ máa ṣe gbogbo ẹ̀ ní gbogbo ìgbà o, torí ó láwọn bọ́ǹdì tí iye ìpè wọn ga gan-an lọ́dún àkọ́kọ́ tó sì já wálẹ̀ lójijì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, níbẹ̀ ọjọ́ ìpè kejì ló lè burú jù. Iye tó máa fún yín ní 14% ti kúrò ní 103.39 náà, ó di 104.91.

Ohun kan tún wà. Gbogbo ìṣirò yìí gbà pé ọjọ́ tí wọ́n san kúpọ́ọ̀nù lẹ rà á. Tó bá jẹ́ àárín lẹ rà á, ẹ máa san kúpọ́ọ̀nù tó ti pọ̀n jọ fún ẹni tó tà á, oṣù mẹ́ta jẹ́ bíi ₦800,000 lórí ₦20 mílíọ̀nù. Ìyẹn máa padà wọlé nígbà tí kúpọ́ọ̀nù bá dé, ẹ má kà á mọ́ èrè.

Aṣírò_Ọ̀dọ̀gùnyàn
Tèmi náà yí padà nìyẹn. Ihò ọdún 2 ti di ₦1.2 mílíọ̀nù, ẹ yọ ₦300,000 nínú kúpọ́ọ̀nù 4 àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ pín ₦1.3 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦100,000 lẹ́ẹ̀kan fún ọdún 2 tó tẹ̀ lé e, torí 101 àti 100 yẹn.

Tíṣà_Ìjẹ̀dẹ́
Pẹ̀lú 12.28 tó jẹ́ èyí tó burú jù, èmi á rà á. Àfi tí bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ tó máa pé lọ́dún 2 bá ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà á. Ẹ wo ìyẹn kẹ́ ẹ tó lọ sípàdé.

Ará_Ẹ̀pẹ́
Èmi ò ní rà á ní 108. Ẹ pè é ní 105, kẹ́ ẹ dúró.

Akápò_Ìgbógbó
Mo ti pè é ní 105. Bùrókà ní ẹni tó ń tà ò ní gbà ju kó wá sí 107, mo ṣírò ìyẹn pẹ̀lú 102, ó fún mi ní bíi 12.83%. 12.83 ni mo máa kọ sókè nínú ìwé ìgbìmọ̀, màá kọ ti ọdún 6 sísàlẹ̀ ẹ̀, màá sì fi ìlànà Aṣírò nípa pípín owó síbẹ̀. Mo ṣì ń retí iye bọ́ǹdì ìjọba tí Tíṣà sọ.